Ẹ̀rọ Ọlọ́dún Mẹ́ta Tàbí Ọlọ́dún Márùn-ún: Bí A Ṣe Ń Fi Ìpín Ọdọọdún Yan Ọ̀kan

Nígbà tí iṣẹ́ méjì bá ń du owó kan náà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá mú ọ̀kan ti pàdánù èkejì nìyẹn, ohun tí àwọn onímọ̀ ìdókòwò máa ń kọ́kọ́ wò ni èrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú wá. Wọ́n á sọ gbogbo owó tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú di owó òní, wọ́n á yọ owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kúrò, èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n á mú. Òfin yìí tọ́, bí iṣẹ́ méjèèjì bá jọ máa parí lọ́dún kan náà. Ibi tó ti máa ń ṣini lọ́nà ni ìgbà tí ọ̀kan bá máa gbó lọ́dún kẹta tí èkejì sì máa ṣiṣẹ́ dé ọdún karùn-ún. Èrè ọdún márùn-ún kò ṣeé gbé lé orí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú èrè ọdún mẹ́ta, nítorí ẹni tó mú ti ọlọ́dún mẹ́ta ṣì ní ọdún méjì níwájú tó lè fi ra òmíràn kí ó sì tún jèrè lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú èyí ni kí wọ́n sọ èrè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan di ìpín ọdọọdún. Ìpín ọdọọdún ni iye kan tí kì í yí padà, tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ń gbà á lọ́dọọdún títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, gbogbo rẹ̀ pátá, ní owó òní, yóò bá èrè iṣẹ́ náà mu rẹ́gí. Bí a bá ti ní iye yìí fún iṣẹ́ méjèèjì, ọdún kan ni a ó máa fi wé ọdún kan, ọ̀rọ̀ pé ọ̀kan pẹ́ ju èkejì lọ kò sì ní dí wa lójú mọ́.

Ká mú iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Kànga ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀, táńkì wà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi náà wà. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá. Rólù ọ̀rá á máa tú láti òkè, ẹ̀rọ á ká a, irin gbígbóná á lẹ ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀, omi á wọ inú rẹ̀, irin á tún lẹ orí rẹ̀, á sì gé e bọ́ sílẹ̀. Irin gbígbóná yìí ni kí ẹni tó ń ra ẹ̀rọ máa ṣọ́. Bí ooru rẹ̀ kò bá dúró sójú kan, ọ̀rá á máa jò láti ìdí, òṣìṣẹ́ á máa dá ẹ̀rọ dúró, ọ̀rá àti omi á sì máa ṣòfò. Yàrá iléeṣẹ́ náà gba ẹ̀rọ kan ṣoṣo, iná tó wà níbẹ̀ kò sì lè gbé méjì. Nítorí náà, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jẹ́ ₦4,000,000. Ọdún mẹ́ta ni yóò lò kí ó tó di irin àlòkù. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó ọ̀rá, owó dísù, owó òṣìṣẹ́, owó àtúnṣe àti owó orí, yóò fi ₦2,700,000 sílẹ̀. Ẹ̀rọ kejì jẹ́ ₦7,000,000. Ọdún márùn-ún ni tirẹ̀. Irin rẹ̀ le, kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lójú iṣẹ́, ọ̀rá tó ń bà jẹ́ kò pọ̀, nítorí náà yóò máa fi ₦3,050,000 sílẹ̀ lọ́dọọdún. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye wọ̀nyí, wọn kì í ṣe iye ọjà. A sì gbà pé kò sí nǹkan kan gúnmọ́ tí wọn ó rí tà lára ẹ̀rọ méjèèjì nígbà tí wọ́n bá gbó tán.

Bí a bá ní kí a kàn ro owó pọ̀, ẹ̀rọ kejì dà bí ẹni pé ó fi ọ̀nà jíjìn ta àkọ́kọ́ yọ. Ọdún márùn-ún lọ́nà ₦3,050,000 jẹ́ ₦15,250,000. Bí a bá yọ ₦7,000,000 kúrò, ó ku ₦8,250,000. Ti àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta lọ́nà ₦2,700,000, jẹ́ ₦8,100,000, ó sì ku ₦4,100,000 péré. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò wo ọjọ́ tí owó wọlé. Owó ọdún karùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ọdún tó ń bọ̀, owó ọdún tó ń bọ̀ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ti òní.

Èlé ni a fi ń mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Ká gbà pé owó tí iléeṣẹ́ náà ń lò ń gba èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ìyẹn ni pé ₦100 òní yóò di ₦120 lọ́dún tó ń bọ̀, torí náà ₦120 ọdún tó ń bọ̀ kò ju ₦100 lọ lónìí. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí owó ọdún kìíní tó lónìí, a ó fi 1.2 pín in lẹ́ẹ̀kan. Ti ọdún kejì, a ó fi pín in lẹ́ẹ̀mejì, ti ọdún kẹta lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ₦2,700,000 ti ọdún kìíní di ₦2,250,000 lónìí. Ti ọdún kejì di ₦1,875,000, ti ọdún kẹta sì di ₦1,562,500. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦5,687,500. Nígbà tí a bá yọ ₦4,000,000 tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ, èrè rẹ̀ ní owó òní jẹ́ ₦1,687,500. Bí a bá ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ kejì fún ọdún márùn-ún, gbogbo owó tó ń bọ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦9,121,000 lónìí. Yọ ₦7,000,000 kúrò, ó ku nǹkan bíi ₦2,121,000. Títí di ibí yìí, ẹ̀rọ kejì ṣì ni ó wà níwájú. Ẹni tó bá dá ìṣirò rẹ̀ dúró síbí yóò rà á, yóò sì rò pé ó ti jèrè tó ju ₦400,000 lọ lórí ẹni tó mú àkọ́kọ́.

Ohun tó kàn ni pípín. Ó wu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí wọ́n kàn fi ọdún mẹ́ta pín ₦1,687,500, kí wọ́n ní ₦562,500 ni ìpín ọdún kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba ₦562,500 lópin ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta kò tíì gba ohun tó tó ₦1,687,500 òní, nítorí pé owó tó ń gbà lẹ́yìn ọ̀la kò tó ti òní. Iye tí a ó fi pín in gbọ́dọ̀ kéré sí mẹ́ta, èlé ni yóò sì sọ bí ó ṣe máa kéré tó.

A lè rí iye náà báyìí: bí ẹnì kan bá máa gba náírà kan péré lópin ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta, kí ni gbogbo rẹ̀ tó lónìí? Náírà ti ọdún kìíní jẹ́ 0.833, ti ọdún kejì jẹ́ 0.694, ti ọdún kẹta jẹ́ 0.579. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 2.106. Òun ni òǹkà ìpín fún ọdún mẹ́ta ní èlé ìdá 20. Ti ọdún márùn-ún, bí a bá ṣírò rẹ̀ bákan náà, jẹ́ 2.991. Ní báyìí, ₦1,687,500 tí a fi 2.106 pín jẹ́ nǹkan bíi ₦801,000. Nǹkan bíi ₦2,121,000 tí a fi 2.991 pín jẹ́ nǹkan bíi ₦709,000.

Ìdájọ́ ti yí padà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́, tí èrè rẹ̀ kéré lójú, ń mú ₦801,000 wá fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi wà, nígbà tí ẹ̀rọ kejì ń mú ₦709,000 wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lé ní ₦90,000 lọ́dún. Èrè ẹ̀rọ kejì pọ̀ nítorí pé ó pẹ́, kì í ṣe nítorí pé ọdún rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dára jù.

Ọ̀nà mìíràn wà láti wo iye kan náà, ó sì rọrùn fún ẹni tí òǹkà ìpín kò bá yé dáadáa. Ẹ fi òǹkà ìpín pín owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ. ₦4,000,000 tí a fi 2.106 pín jẹ́ nǹkan bíi ₦1,899,000: iye tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń náni lọ́dọọdún nìyẹn, èlé wà nínú rẹ̀, bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n ń háyà rẹ̀. Yọ ọ́ kúrò nínú ₦2,700,000 tó ń mú wá, ₦801,000 ni yóò kù. Ti ẹ̀rọ kejì, owó háyà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦2,341,000. Ó fi ₦442,000 ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ₦350,000 péré ni ẹ̀rọ náà fi ju àkọ́kọ́ lọ nínú owó tó ń wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ₦90,000 ti bọ́ sọnù.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì lè dán an wò láì lo ìpín rárá. Nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí mẹ́ta àti márùn-ún jọ wọ̀ ni 15. Ká ní iléeṣẹ́ náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 15, ẹni tó mú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yóò rà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹni tó mú èkejì yóò rà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a bá sọ gbogbo èrè ìgbà márààrún di owó òní, yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦3,746,000. Ti ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦3,317,000. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà ló ṣì borí. Ìpín ọdọọdún kò sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí, ó kàn ń gba ọ̀nà àbùjá ni. Fún ọdún mẹ́ta àti márùn-ún, ọdún 15 kò le láti ṣírò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá jẹ́ ọlọ́dún méje tí èkejì jẹ́ ọlọ́dún mọ́kànlá, ọdún 77 ni ènìyàn máa ní láti tò sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Èrò rírà-títúnrà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1849, ará Jámánì kan tó mọ̀ nípa ìtọ́jú igbó, Martin Faustmann, ṣe ìṣirò iye tí ilẹ̀ igbó tó nígbà tí wọ́n bá ń gbin igi sórí rẹ̀, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n tún ń gbin òmíràn láìdáwọ́ dúró. Ohun tó rí ni pé ẹni tó bá fi igi sílẹ̀ kí ó máa tóbi sí i kò gbọ́dọ̀ wo igi ìsinsìnyí nìkan: ó ń dá igi tó yẹ kó tẹ̀ lé e dúró pẹ̀lú. Ohun kan náà ni ẹ̀rọ ọlọ́dún márùn-ún ń ṣe sí owó. Ó di ₦7,000,000 mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko. Bí rírà náà kò bá ní dópin láéláé, ohun tó kù ni kí a fi èlé pín ìpín ọdọọdún. ₦801,000 tí a fi 0.2 pín jẹ́ nǹkan bíi ₦4,005,000, ₦709,000 sì jẹ́ nǹkan bíi ₦3,545,000. Ipò wọn kò yí padà.

Èlé ni ohun tó tún ń yí ìdájọ́ náà po, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi àwọn ẹ̀rọ kan náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ sọ èlé di ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpín ọdọọdún ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á di nǹkan bíi ₦1,148,000, ti èkejì á sì di nǹkan bíi ₦1,297,000. Ẹ̀rọ ọlọ́dún márùn-ún ti wá borí. Ní ìdá 15, ó ṣì fi díẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ: nǹkan bíi ₦962,000 sí ₦948,000. Ní ìdá 16, àkọ́kọ́ ti kọjá rẹ̀: nǹkan bíi ₦919,000 sí ₦912,000. Láàárín ìdá 15 sí 16 ni ìyípadà náà wà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tó le tó sì pẹ́ máa ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni lónìí, kí ó tó máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí owó bá wọ́n, ìdúró yẹn á di ohun tó náni púpọ̀, ohun tí kò pẹ́ tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀ á wá dára jù. Níbi tí èlé bá ti kéré, ìdúró kò fi bẹ́ẹ̀ náni ní nǹkan kan. Èyí ló fa á tí oníléeṣẹ́ kan ní Yúróòpù, tí ó ń yá owó ní èlé tó kéré, àti oníléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn fi lè wo ẹ̀rọ méjì kan náà kí wọ́n sì yan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sì sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹni tó ń ra ohun tí kò pẹ́ kò mọ owó ná, irọ́ ni níbi tí èlé bá ti ga.

Ṣùgbọ́n èlé wo gan-an ni ìdá 20 yìí? Ní Nàìjíríà, èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó yá owó sábà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọ̀wọ́n gógó ọjà wà nínú rẹ̀. Àwọn iye tí a lò fún ẹ̀rọ méjèèjì, owó òní ni. A kò fi kún ₦2,700,000 bí owó omi ṣe máa ń gbówó lórí lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń lo owó òní fún gbogbo ọdún gbọ́dọ̀ yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò nínú èlé pẹ̀lú. Bí báńkì bá ń gba ìdá 38 tí ọjà sì ń wọ́n sí i ní ìdá 15 lọ́dún, kí ó fi 1.15 pín 1.38. Ohun tí yóò rí ni 1.2, èyí tí í ṣe ìdá 20. Kì í ṣe pé a ó kàn yọ 15 kúrò nínú 38 kí a ní 23. Ẹni tó bá fi èlé báńkì ní kíkún, ìdá 38, ṣírò owó tí kò fi ọ̀wọ́n gógó kún, ó ti fìyà jẹ iṣẹ́ tó pẹ́ láì nídìí, ìdájọ́ rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ sí ohun tí kò pẹ́ nígbà gbogbo.

Apá tó gbẹgẹ́ jù lọ nínú ìlànà yìí ni ohun tó fara sin sábẹ́ rẹ̀: pé nígbà tí ẹ̀rọ bá gbó, wọn yóò tún ra irú rẹ̀ ní iye kan náà, yóò sì tún máa mú iye kan náà wá. Nàìjíríà ti rí bí ìyẹn ṣe lè já sí asán. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ dẹ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 nígbà náà ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó dé ìlàjì. Iye ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá gòkè tẹ̀ lé e, iye tí wọ́n ń ta omi inú ọ̀rá kò sì lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú èyí ń ṣe sí ẹ̀rọ méjèèjì. Ká ní lẹ́yìn rírà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ gbówó lórí ní ìdajì, lẹ́yìn tí a ti yọ ọ̀wọ́n gógó gbogbo ọjà, tí owó tó ń wọlé kò sì yí padà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á di ₦6,000,000. Owó háyà rẹ̀ lọ́dún á di nǹkan bíi ₦2,848,000, ó sì ti ju ₦2,700,000 tó ń mú wá lọ. Ẹ̀rọ kejì á di ₦10,500,000, òun náà á sì máa jẹ gbèsè. Kò sí ẹni tó máa tún ọ̀kankan rà nínú wọn. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni rírà náà, kò sí rírà-títúnrà mọ́, ìpín ọdọọdún kò sì ní ohun tó máa sọ. Èrè ní owó òní ni a ó padà sí, ẹ̀rọ kejì ló sì borí pẹ̀lú nǹkan bíi ₦2,121,000 sí ₦1,687,500. Ẹni tó ra èyí tó pẹ́ ti fi owó òní ra ààbò ọdún márùn-ún. Bí ẹ̀rọ bá sì gbówó lórí ní ìdá 20 péré, àkọ́kọ́ ṣì wà níwájú, nítorí rírà-títúnrà ṣì ń mérè wá fún méjèèjì. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí ẹ̀rù ọ̀wọ́n ẹ̀rọ sọ ìlànà náà di asán lójú ẹni. Kí ènìyàn ṣírò ibi tí rírà-títúnrà kò ti ní mérè wá mọ́, kí ó sì bi ara rẹ̀ bóyá ó ṣeé ṣe kí ọjà dé ibẹ̀.

Àṣìṣe ìṣirò máa ń wáyé pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń lo kọ̀ǹpútà. Nínú Excel, ìlà méjì péré ló tó fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́:

```
=NPV(20%,2700000,2700000,2700000)-4000000
=PMT(20%,3,-1687500)
```

Ìlà kìíní á fún wa ní 1,687,500, ìkejì á fún wa ní nǹkan bíi 801,099. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kó ₦4,000,000 sínú àkámọ́ `NPV` pẹ̀lú àwọn yòókù. Excel gbà pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ jẹ́ ti òpin ọdún kìíní, nítorí náà á ti gbogbo nǹkan síwájú lọ́dún kan, èrè á sì di ₦1,406,250. Bí ẹnì kan bá rí i pé iye tí òun rí kéré sí ti ẹlòmíràn, tó sì jẹ́ pé nígbà tó fi 1.2 sọ ọ́ di púpọ̀ wọ́n bára mu, àṣìṣe yìí ni ó ṣe. Àmì òdì tó wà níwájú 1687500 nínú `PMT` kò sì ṣeé yọ, bí kò bá sí níbẹ̀, ìpín náà á jáde pẹ̀lú àmì òdì.

Bí iṣẹ́ méjèèjì kò bá mú owó wọlé, tó jẹ́ pé ìnáwó nìkan ni, bí ìgbà tí ìdílé kan ń yan bátìrì fún íńfátà, ìlànà náà kò yàtọ̀. Òǹkà ìpín ni wọn yóò fi pín owó bátìrì kọ̀ọ̀kan, èyí tí owó ọdún rẹ̀ bá kéré jù ni wọn yóò sì mú. Ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni bátìrì méjèèjì ń ṣe. Èyí tó ń gbé fáànù nìkan kò ṣeé fi wé èyí tó ń gbé fìríìjì.

Ìgbà kan tún wà tí ìpín ọdọọdún kò yẹ kí ó dá ìdájọ́: ìgbà tí òpin iṣẹ́ ti hàn. Ká ní ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ omi náà wà jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí àdéhùn rẹ̀ yóò sì parí lópin ọdún karùn-ún láì ní ìtẹ̀síwájú. Ẹ̀rọ kejì wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ẹni tó bá mú àkọ́kọ́ yóò lo ọ̀kan tán lọ́dún kẹta, yóò ra òmíràn ní ₦4,000,000, yóò lò ó fún ọdún méjì, yóò sì tà á nígbà tó ṣì ku ọdún kan nínú rẹ̀. Iye tí ó máa rí tà á ló máa pinnu ohun gbogbo. Bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di owó òní ní èlé ìdá 20, ẹ̀rọ àlòkù yẹn gbọ́dọ̀ mú nǹkan bíi ₦900,000 wọlé kí èrè àpapọ̀ tó bá ti ẹ̀rọ kejì dọ́gba. Bí ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà bá mọ oníbàárà tó máa san ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́ta. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ọlọ́dún márùn-ún ni kí ó rà.